Ìwé Tó Gbé Adérógbà Dé Amẹ́ríkà

Ní Challenge, ní ìlú Ìlọrin, lọ́dún 1992, bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè ọ́fíìsì Fèyísọ́lá, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ìwé òkè-òkun lẹ fẹ́ tẹ̀ ni?" Fèyísọ́lá ní tápùráítà méjì, kọ̀ǹpútà kan tó máa ń gbóná bí ààrò, ẹ̀rọ fáàsì kan tó ń gba orí wáyà tẹlifóònù fi ìwé ránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn àfi òun, àti bébà kan ṣoṣo tó wà nínú ọ̀rá. Bébà yẹn ni gbogbo ènìyàn ń wá. Wọ́n ń pè é ní Ti Adérógbà.

Ẹnjiníà omi ni Adérógbà. Nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ wáṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, ó ṣe CV rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nílé. Ó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìpínlẹ̀ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, iye ìyàwó, iye ọmọ, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó lọ, eré ìdárayá tó fẹ́ràn, àti orúkọ ènìyàn mẹ́ta tó lè jẹ́rìí sí i, títí kan pásítọ̀ rẹ̀. Ó lẹ fọ́tò tó yà pẹ̀lú kóòtù mọ́ igun òkè, ó wá buwọ́ lù ú nísàlẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó kọ̀wé sí dá gbogbo rẹ̀ padà. Wọ́n yọ fọ́tò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n fi í sínú àpòòwé kékeré, wọ́n sì kọ lẹ́tà pé àwọn kì í gba ìwé tó ní àwòrán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà ní Houston ló là á yé e. Ó ní òfin ibẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n fi ojú, ọjọ́ orí tàbí ẹ̀sìn yan òṣìṣẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò tilẹ̀ fẹ́ rí ohun tí ẹnikẹ́ni lè torí rẹ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́. Adérógbà àti Fèyísọ́lá bá jókòó, wọ́n gé ìwé náà kúrú sí ojú ewé kan. Orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tó ti ṣe, iye kànga tó ti gbẹ́, iye abúlé tó ń mu nínú wọn, ilé-ìwé gíga tó lọ, ó parí. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 1991, Adérógbà wọ bàálù.

Ẹ ò bá rí àwọn ènìyàn lẹ́yìn ìyẹn. Olùkọ́ dé, akọ̀wé báńkì dé, ẹni tí kò níṣẹ́ rí láyé dé. Gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ pé, "Ẹ bá mi ṣe irú ti Adérógbà." Ọkùnrin kan tilẹ̀ fi pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ra bébà náà lára, ó ní kí oríire rẹ̀ lè ràn án. Fèyísọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n lóòótọ́, òun náà ti ń gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Méjì nínú àwọn tó lo irú rẹ̀ tún ti rí iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò rí iṣẹ́, ta ló ń ka ìyẹn? Fèyísọ́lá ti di ọ̀mọ̀ràn, ọ̀mọ̀ràn Challenge, tí í fi bírò pupa gé ìgbésí-ayé àwọn ènìyàn kúrú.

Ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 1992 ni Sàfúrátù wọlé tọ̀ ọ́ wá.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Sàfúrátù ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nígboro. Ilẹ̀ Hausa ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ sì dùn létí ju ti Fèyísọ́lá tó wá láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lọ. Òun ló gbẹ̀bí Iṣẹ́olúwa, àkọ́bí Fèyísọ́lá, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́. Shehu, ọkọ Sàfúrátù, ti kú sọ́nà Jẹ́bbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀. Ummu Kulthum, àkọ́bí wọn, ti rí ìwé ìgbàwọlé sí yunifásítì. Owó oṣù nọ́ọ̀sì tó ń dé lóṣù kan, tí kì í dé lóṣù méjì, kò lè gbé e dé ibẹ̀.

"Ìyá Iṣẹ́, bá mi wo nǹkan yìí." Sàfúrátù gbé ègé ìwé ìròyìn kan kalẹ̀. Ilé ìwòsàn kan ní Riyadh, ní Saudi, ń wá agbẹ̀bí. Ọ́fíìsì kan ní Èkó ló ń bá wọn gba ìwé. Kí ẹni tó bá fẹ́ fi CV kíkún àti ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́, kó má sì tíì pé ogójì ọdún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gbani.

"Àǹtí, ẹ ẹ̀ tíì pé ogójì?"

"Ó ku oṣù mẹ́fà. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ni." Sàfúrátù rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọlọ́un ló ní kí n rí i lásìkò. Bí eléyìí bá kọjá, kò sí òmíràn fún mi mọ́."

Ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ CV náà sórí bébà fúúsìkáàpù, lẹ́tà rẹ̀ rí roboto bíi ti ọmọ ilé-ìwé. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀: ọjọ́ ìbí, ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Mùsùlùmí, opó, ọmọ mẹ́ta, nọ́ńbà ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì. Ó fi píìnì há fọ́tò rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú fọ́tò náà, ó wé híjáàbù funfun, ojú rẹ̀ le díẹ̀ bí ojú ẹni tí ayàwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé kó má ṣẹ́jú. Lẹ́yìn fọ́tò náà, ó kọ orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀ bí a ṣe máa ń ṣe: Sàfúrátù Àbdùlgàfárù, ọdún 39.

Fèyísọ́lá kà á, ó mi orí, ó fa bírò pupa yọ.

"Àǹtí, ta ló ń ṣe irú èyí mọ́?" Ó gé ọjọ́ ìbí dànù. Ó gé opó dànù. Ó gé ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn. Nígbà tó dé orí Mùsùlùmí, Sàfúrátù na ọwọ́ sí i.

"Dúró ná. Saudi ni o. Bí n ò bá kọ Mùsùlùmí, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Orúkọ yín ò tíì sọ ọ́ ni?"

"Binta, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ mi tó lọ síbẹ̀ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, kọ̀wé sí mi. Ó ní kí n fi fọ́tò sí i, kí n sì kọ gbogbo nǹkan nípa ara mi."

"Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni ẹ pè é yẹn! Ayé ti yí, Àǹtí. Òkè-òkun ni òkè-òkun. Wọ́n á rí fọ́tò yìí, wọ́n á dá gbogbo ẹ̀ padà, bí wọ́n ṣe ṣe ti Adérógbà." Fèyísọ́lá mú bébà inú ọ̀rá wá, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Iṣẹ́ lẹ fẹ́ fi hàn wọ́n, ẹ ẹ̀ fẹ́ fi ara yín hàn wọ́n."

Sàfúrátù ṣì ń wo fúúsìkáàpù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ̀ ọ́ létí. Fèyísọ́lá bá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mò ń rọbí Iṣẹ́olúwa? Gbogbo ara mi ló ń sọ pé kí n tì í. Ẹ ní kí n má tì í, kí n dúró. Mo gbọ́ tiyín, mo dúró, torí pé iṣẹ́ yín ni. Iṣẹ́ tèmi rèé. Ẹ gbọ́ tèmi."

Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn tí ọkàn rẹ̀ kò ní rọ̀? Sàfúrátù rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Fèyísọ́lá yọ píìnì, ó ju fọ́tò náà sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀.

Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sì ṣe é pẹ̀lú àìbìkítà, ẹ má dá a lẹ́bi ìyẹn. Ó bi Sàfúrátù ní ìbéèrè títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ọmọ mélòó ló ti gbẹ̀bí? Wọ́n ṣírò rẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì mélòó ló ti kọ́ níṣẹ́? Ọdún mélòó ló fi jẹ́ olórí yàrá ìrọbí? Fèyísọ́lá tò ó sójú ewé kan, ó mọ́, ó rẹwà, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó pọ̀jù. Nígbà tí Sàfúrátù rí i, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ní, "Ṣé èmi rèé?" Inú Fèyísọ́lá dùn jọjọ. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Èkó lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì kọ nọ́ńbà fáàsì ọ́fíìsì Fèyísọ́lá sí i pé ibẹ̀ ni kí wọ́n dáhùn sí.

Láti ìgbà náà, bí Sàfúrátù bá parí iṣẹ́ àárọ̀, á gba Challenge kọjá. Á fi orí yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ̀rọ yẹn ò tíì dún?"

"Kò tíì dún, Àǹtí."

"Tó bá dún, o máa ránṣẹ́ sí mi."

Oṣù kẹrin kọjá, oṣù karùn-ún wọlé. Sàfúrátù ti gbé àpótí Shehu sílẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti fi kẹrosíìnì nu ìpẹtà etí rẹ̀, ó ti sá a sóòrùn kí òórùn ilé lè kúrò lára rẹ̀. Ó ti ra bàtà funfun pẹlẹbẹ kan. Ó ní àwọn àfáà tó kọ́ òun ní kéwú ní kékeré kò mọ̀ pé àwọn ń kọ́ òun ní èdè tí òun máa fi gbọ́ bí obìnrin ṣe ń kígbe ìrora. Gbogbo rẹ̀ ló ń sọ fún Fèyísọ́lá lẹ́nu ilẹ̀kùn. Fèyísọ́lá náà ń bá a rẹ́rìn-ín, ó sì ti ń ṣètò nínú ọkàn rẹ̀ bí bébà kejì yóò ṣe wọ ọ̀rá. Ti Sàfúrátù.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹfà ni ẹ̀rọ náà dún. Fèyísọ́lá rí orúkọ ọ́fíìsì Èkó lókè bébà tó ń yọ bọ̀, ó pàtẹ́wọ́, ó ti ń kọrin ọpẹ́ kí bébà tó jáde tán. Ìgbà tó yá ló kà á.

Wọ́n ní kò sí ọjọ́ ìbí nínú ìwé Sàfúrátù, nítorí náà àwọn kò lè mọ̀ bóyá ó ti kọjá ogójì. Kò sí ẹ̀sìn. Kò sí bóyá ó lọ́kọ tàbí kò lọ́kọ. Kò sí fọ́tò. Ilé ìwòsàn náà kì í yẹ ìwé tí kò pé wò. Kó tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀.

Fèyísọ́lá jókòó. Lẹ́yìn náà ló gbé tẹlifóònù, ó tẹ nọ́ńbà Èkó ní ìgbà mọ́kànlá kó tó wọlé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sàlíhù ló gbé e. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó tilẹ̀ wá fáìlì náà jáde.

"Màdáámù, ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Saudi kọ́ ni Amẹ́ríkà. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ mọ ẹ̀sìn ènìyàn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó lọ́kọ, torí físà àti ilé tí wọ́n máa fi í sí. Wọ́n fẹ́ rí ojú ẹ̀, kí ẹlòmíì má lọ jókòó níwájú wọn lórúkọ ẹ̀. A gba bí ọgọ́rin ìwé. Gbogbo èyí tí kò ní fọ́tò, a ya wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ̀bi mi ni. Mò ń fi ránṣẹ́ báyìí."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó yọ fúúsìkáàpù Sàfúrátù tó ti fi bírò pupa gé, ó tẹ gbogbo ohun tó gé padà ní kíákíá, opó, Mùsùlùmí, ọmọ mẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá ọdún 1952. Ó mú fọ́tò nínú dúrọ́ọ̀, ó fi gọ́ọ̀mù rọra lẹ etí rẹ̀ mọ́ ọn, ó kì í sẹ́nu fáàsì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Sàlíhù pè é padà.

"Fọ́tò tó jáde níbí dúdú bí èédú ni. A ò rí ojú, a ò rí imú. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ mọ́, Màdáámù, ọjọ́ Ajé ni orúkọ ti kúrò lọ́dọ̀ wa lọ sí Riyadh." Ó tún ṣí fáìlì náà wò. "Iṣẹ́ obìnrin yìí pọ̀ o. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọmọ! Ká ní a rí ọjọ́ orí ẹ̀ ni, òun là bá kọ́kọ́ mú. Kó tètè fi ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Oṣù kẹwàá ló máa pé ogójì, sà."

"Ẹ kú ìrọ́jú," ni Sàlíhù sọ, ó sì gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Wọ́n ní bí omi bá dànù, tí agbè kò bá fọ́, a ó tún òmíràn pọn. Agbè yìí ti fọ́, ọwọ́ ẹni tó ní òun ń bá a gbé e ló sì ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ti sọ tipẹ́ pé bí a ṣe ń ṣe é nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì. Láti kékeré ni Fèyísọ́lá ti ń gbọ́ òwe yẹn, ó sì rò pé òun ló mọ̀ ọ́n jù ní gbogbo Challenge. Kò rò ó pé ibòmíì náà ju ẹyọ kan lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Sàfúrátù fi orí yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ̀rọ yẹn ò tíì dún?"

"Kò tíì dún, Àǹtí."

Ojú tì í bó ṣe sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá Sàlíhù tún máa pè. Ta ni Sàlíhù fẹ́ pè? Ọjọ́ Ajé ni kò lè gbé e mọ́. Sàfúrátù wọlé, kò tíì bèèrè tí Fèyísọ́lá fi fa bébà fáàsì náà yọ, tó fi kúnlẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, tó ń sunkún bí ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Sàfúrátù kà á lórí ìdúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ọjọ́ ìbí," ló ń sọ. "Ẹ̀sìn. Fọ́tò." Ó gbójú sókè. "Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ wá bá ọ ni wọ́n ń wá yìí."

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Dìde. Àwọn èèyàn wà níta." Ó wo òkè bébà náà, níbi tí ẹ̀rọ máa ń tẹ ọjọ́ sí. "Ọjọ́bọ̀ ló dé. Mo wá síbí lọ́jọ́ Jímọ̀."

Sàfúrátù ká bébà náà sí méjì, ó gbé e lé orí tábìlì, ó ní, "Kádàrà ni. Kò burú." Irọ́ ni, ó burú gan-an, àwọn méjèèjì ló sì mọ̀. Ká ní ó bú u, ká ní ó fọ kọ̀ǹpútà yẹn mọ́lẹ̀, ara ì bá tu Fèyísọ́lá díẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó jáde, kò sì gba Challenge kọjá mọ́.

Àwọn tó ń wá Ti Adérógbà kò dẹ́kun. Fèyísọ́lá ti ń bi wọ́n báyìí pé, "Ìlú wo?" Bó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, á gé. Bó bá jẹ́ Saudi, á ní kí wọ́n lọ ya fọ́tò wá. Méjì nínú àwọn tó ṣe ìwé fún bẹ́ẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé wọ́n ti pe àwọn. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn pé Ummu Kulthum kò lọ yunifásítì, pé ó ń bá àbúrò ìyá rẹ̀ ta aṣọ ọmọdé ní Ọ̀fà Garage.

Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹwàá, Sàfúrátù wọlé. Kò fi orí yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn bíi tàtijọ́. Ó wọlé tààrà, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn oníbàárà. Ó ti rù.

"Kílíníìkì kékeré kan ní àdúgbò Basin ń wá nọ́ọ̀sì alẹ́," ó ní. "Mo fẹ́ máa fi kún ti ìjọba. Wọ́n ní kí n mú CV wá. Ìwọ ni mo mọ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́."

"Àǹtí..."

"Bí a ṣe ń ṣe é nílé ni kí o ṣe é fún mi. Má yọ nǹkan kan."

Fèyísọ́lá tan kọ̀ǹpútà. Ó tẹ orúkọ, ó tẹ ìpínlẹ̀, ó tẹ Mùsùlùmí, ó tẹ opó, ó tẹ orúkọ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Níbi ọjọ́ orí, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ogójì," ni Sàfúrátù sọ. "Mo pé e ní Sátidé."

Fèyísọ́lá tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìwé náà jáde, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú fọ́tò híjáàbù funfun jáde, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Gọ́ọ̀mù ọjọ́ fáàsì ṣì gbẹ mọ́ etí rẹ̀. Sàfúrátù wo ojú ara rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó yí i padà, ó rí ohun tó kọ sẹ́yìn rẹ̀ nínú oṣù kẹrin. Ó na ọwọ́ mú bírò pupa lórí tábìlì. Ó gé 39, ó kọ 40 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí tàdáwà rẹ̀ lè gbẹ, ó sì dá a padà fún Fèyísọ́lá.

"Gbà," ó ní. "Lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn."